Eélòó Lẹ Máa Rà Á Padà? Ọ̀rọ̀ Lórí Náírà Tó Ń Wọ Àkáǹtì Dọ́là

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó tó ń bọ́ sọ́nà nígbà téèyàn bá fi náírà ránṣẹ́ sí ìkànnì tó jẹ́ pé dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó oníbàárà. Òkè-Ìlewó gan-an ló yẹ ká ti sọ ọ́. Àdúgbò báńkì nìyí. Ẹni tó bá dúró létí títì níbí, báńkì ń bẹ lọ́tùn-ún rẹ̀, báńkì ń bẹ lósì rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ owó tó ń jáde ní Abẹ́òkúta lónìí kì í gba ẹnu ọ̀nà báńkì kankan. Inú fóònù ló ń gbà lọ, kì í sì í sí akọ̀wé báńkì tí èèyàn lè bi léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ti eléyìí?"

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Lọ́dún 2025, mo ṣí àkáǹtì lórí ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Dọ́là nìkan ni wọ́n fi ń kọ owó sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba náírà lọ́wọ́ ẹni. Igba dọ́là ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìkànnì náà ní kí n fi ₦309,000 ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àkáǹtì kan ní báńkì kan ní Nàìjíríà níbí. Inú àkáǹtì ìyàwó mi ni mo ti fi owó náà ránṣẹ́, torí pé ibẹ̀ ni owó wà lọ́jọ́ náà. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí $200 fi yọ lójú fóònù mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ dé pé orúkọ ẹni tó san owó kò bá orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì mu, pé òfin wọn kò fàyè gba bẹ́ẹ̀, pé wọ́n á dá owó náà padà síbi tó ti wá. Wọ́n sì dá a padà lóòótọ́. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó mi fi fóònù rẹ̀ hàn mí. ₦291,000 ló wọlé.

N kò ra ìpín kankan. N kò jèrè, n kò pàdánù lọ́jà. Owó lọ sùn níbì kan, ó padà wálé láàárọ̀, ₦18,000 kò sì bá a wálé. Mo kọ̀wé sí wọn. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé àwọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́: igba dọ́là ni mo mú wá, igba dọ́là ni àwọn dá padà. Mo jókòó tì í títí, mo rí i pé wọn kò parọ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú èsì yẹn.

Ẹ bá mi mú bírò. Ẹ fi 200 pín 309,000. Ẹ máa rí 1,545. Ìyẹn ni pé ₦1,545 ni wọ́n ta dọ́là kan fún mi. Ẹ tún fi 200 yẹn pín 291,000. Ẹ máa rí 1,455. Ìyẹn ni iye tí wọ́n fi ra dọ́là kan náà padà lọ́wọ́ mi. Iye tí báńkì àpapọ̀, CBN, gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ yẹn kò jìnnà sí 1,500. Nítorí náà, bí mo ti ń wọlé, wọ́n mú ₦45 lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Bí mo ti ń jáde, wọ́n tún mú ₦45. Àádọ́rùn-ún náírà lọ́nà igba, ₦18,000 nìyẹn. Kò sí ibì kan lójú fóònù tí wọ́n ti pe owó yìí ní owó iṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni `Deposit fee: 0`, òótọ́ sì ni, nítorí pé owó náà kò sí níbi tí wọ́n ń kọ owó iṣẹ́ sí. Inú iye pàṣípààrọ̀ ló wà.

Ohun kan wà tó yẹ kó yà wá lẹ́nu. Nígbà tí mo fi ₦309,000 náà ránṣẹ́, báńkì yọ ₦50 owó ìfiránṣẹ́, ó sì fi owó VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦53.75. Owó yẹn la máa ń bú báńkì lé lórí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n ₦18,000 lọ níwájú wa, a kò sọ nǹkan kan, torí pé báńkì kọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ìkànnì kò kọ ti tirẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Ìdí-Ìrókò lọ sí Kùtọnu lọ kó ọjà, ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí n tó dé. Ẹni tó ń ṣẹ́ owó ní ibodè kì í sọ iye kan ṣoṣo. Ó ní iye tó ń ta sẹ́fà, ó sì ní iye tó ń rà á. Tó bá ti sọ iye tó máa tà á fún yín, ìyá tó gbọ́n á béèrè lójú ẹsẹ̀ pé, "Tó bá ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ ńkọ́, eélòó lẹ máa rà á padà?" Ìdáhùn yẹn ni ìyá náà fi ń mọ̀ bóyá kó ṣẹ́ owó lọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí kó kọjá sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Àlàfo àárín iye méjèèjì ni oúnjẹ ẹni tó ń ṣẹ́ owó, kò sì fi pa mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ná owó ẹyọ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹgbàá mẹ́wàá ẹyọ ló ń kún ọ̀kẹ́ kan, ìdí nìyẹn tí ọ̀kẹ́ kan fi di orúkọ fún 20,000 nínú òǹkà wa títí dòní. Ẹrù ni ọ̀kẹ́ yẹn jẹ́ lórí èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó rẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé Èkó rí alárùú lójú, ó sì mọ ohun tó máa san fún un. Ti òde òní, alárùú wà, ó sì ń gba owó, àmọ́ ojú ẹni kò tó o.

Ta wá ni alárùú náà? Nígbà tí ẹ bá fi náírà ránṣẹ́, ìkànnì tó wà lókè òkun kọ́ ló gbà á. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń gba owó fún wọn ní Nàìjíríà ló gbà á, náírà yẹn sì jókòó sọ́wọ́ rẹ̀. Ìkànnì ti kọ dọ́là sílẹ̀ fún yín lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ yẹn ṣì gbọ́dọ̀ wá dọ́là rà, ó lè gbà á ní ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí náírà bá já wálẹ̀ láàárín àkókò yẹn, ọrùn rẹ̀ ni àdánù wà. Ó ń fi àlàfo náà dáàbò bo ara rẹ̀, ó sì ń fi í jẹun pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí àlàfo fi máa ń fẹ̀ sí i lásìkò tí náírà bá ń mì. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2024, iye dọ́là lọ́jà ìjọba fò láti nǹkan bí 900 kọjá 1,400 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí oníṣòwò dọ́là tó máa fi àlàfo tóóró sílẹ̀. Ẹni tí kò bá sí ohun tó ń lé e, kó dúró kí ọjà balẹ̀ kó tó fi owó ránṣẹ́.

Mo tún ní láti sọ ohun kan torí pé mo ti rí àwọn tó ṣìnà níbẹ̀. Kí ẹ tó lè mọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ yín jẹ, ẹ gbọ́dọ̀ mọ iye tó tọ́ láti fi wọ̀n wọ́n. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, iye CBN kò tó ₦480, bẹ́ẹ̀ dọ́là lọ́jà ìta ti kọjá ₦700. Kò sí ẹni tó lè fi iye CBN rí dọ́là rà ní ìrọ̀rùn, nítorí náà àwọn ìkànnì ń lo iye tó sún mọ́ ti ọjà ìta. Ẹni tó bá fi iye CBN wọ̀n wọ́n nígbà yẹn á rò pé olè ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n tirẹ̀ ló ṣẹ́. Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni CBN pa àwọn ojú ọjà pọ̀ sọ́kan, iye tirẹ̀ sì fò kọjá 600 lọ́jọ́ náà gan-an. Látìgbà tí ọjà ìjọba àti ọjà ìta ti wá sún mọ́ ara wọn, iye CBN ti di òṣùwọ̀n tó ṣeé lò. Ojú ìwé CBN ni wọ́n ń gbé e sí lójoojúmọ́ iṣẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni láti wò ó. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ òṣùwọ̀n tí kò gbára lé CBN rárá, ẹ wo àárín iye títà àti iye rírà ti ìkànnì náà fúnra rẹ̀. Ti èmi, àárín 1,545 àti 1,455 jẹ́ 1,500 géérégé.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí igba dọ́là mi, ká ní wọn kò dá a padà. Ká ní mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fún oṣù díẹ̀, n kò fi ra nǹkan kan. Ká ní náírà rẹ̀ wálẹ̀, àárín iye di 1,600. Ìkànnì á ra dọ́là lọ́wọ́ mi ní ₦1,552, tí àlàfo wọn bá ṣì jẹ́ ìdá kan náà nínú ọgọ́rùn-ún. Màá gba ₦310,400. Mo mú ₦309,000 lọ, mo mú ₦310,400 bọ̀, inú mi á dùn, màá ní ìkànnì yìí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ sì ni igba dọ́là lọ́jọ́ náà tó ₦320,000 lọ́jà. Owó tó yẹ kí n rí látàrí bí náírà ṣe rẹ̀ ni wọ́n fi san owó alárùú, mi ò sì fura.

Ẹ tún yí i padà. Ká ní náírà lágbára, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe díẹ̀ nínú ọdún 2025, àárín iye wá di 1,400. Wọ́n á ra dọ́là mi ní ₦1,358, màá gba ₦271,600. Mo ti pàdánù ₦37,400, màá sì fi igbe ta pé ìkànnì ti jí owó mi. Ṣùgbọ́n ₦20,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti náírà tó lágbára. Ẹni tó bá di dọ́là mú á pàdánù rẹ̀ níbikíbi tó bá fi í pamọ́ sí, ì báà jẹ́ abẹ́ ìrọ̀rí. ₦17,400 tó kù ni ti àlàfo: ₦9,000 nígbà tí mo ń wọlé, ₦8,400 nígbà tí mo ń jáde. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ẹ máa dá ìkànnì burúkú láre lọ́dún tí náírà bá rẹ̀, ẹ máa dá ìkànnì rere lẹ́bi lọ́dún tó bá lágbára. Ẹ kọ àárín iye sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wọlé àti lọ́jọ́ tẹ́ ẹ jáde, ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé ti tó fún un, ẹ ó sì mọ ẹni tó gba èwo.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣòwò fọ́réèsì lórí fóònù. Mo wò wọ́n, àánú wọn ń ṣe mí. Ẹni tó fi owó sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ló san owó àlọ, ẹ̀ẹ̀kan ló san owó àbọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ mìíràn á fi owó sí i lọ́jọ́ Ajé, á gbà á jáde lọ́jọ́ Ẹtì torí pé ẹ̀rù ń bà á kó sùn síbẹ̀, á tún fi sí i lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Pẹ̀lú àlàfo tí mo sọ yìí, àlọ àti àbọ̀ kan ń gba ohun tó fẹ́ẹ̀ tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóṣù, tí kò jèrè, tí kò sì pàdánù nínú òwò rárá, ₦309,000 rẹ̀ á ti di bíi ₦243,000 ní ìparí oṣù. Á sọ pé ọjà ló jẹ òun. Ọjà kọ́. Ká tiẹ̀ sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, $200 yẹn gbọ́dọ̀ di $212.37 kí ó tó lè padà bọ̀ sí ₦309,000 tó mú wá. Èrè dọ́là méjìlá yẹn, ti alárùú ni. Ti ọ̀dọ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, èmi á lo káàdì báńkì mi dípò ráńsífà." Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó yí padà. Tó bá jẹ́ ráńsífà náírà ni, ìkànnì àti aṣojú rẹ̀ ló ń ṣẹ́ owó. Tó bá jẹ́ káàdì náírà ni, dọ́là ni ìkànnì máa bèèrè, báńkì yín níbí ló máa ṣẹ́ ẹ, iye tí báńkì bá fẹ́ fún káàdì ló sì máa lò. Iye yẹn lè sàn, ó lè burú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Káàdì ní àléébù kan tí ráńsífà kò ní. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ san owó, báńkì kàn ń fi ọwọ́ lé owó náà ni. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó yọ ọ́ gan-an, iye ọjọ́ tó yọ ọ́ ló sì lè lò. Nítorí náà owó tó wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí fóònù yín lè yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ máa rí nínú ìwé àkáǹtì. Ẹ kò sì gbàgbé ọdún 2022, nígbà tí ọ̀pọ̀ báńkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí $20 lóṣù, tí àwọn mìíràn sì pa á tì pátápátá. Ọdún 2025 ni àwọn kan tún ṣí i. Àárín àsìkò yẹn ni ọ̀nà ráńsífà náírà àti àwọn aṣojú fi gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ràn kan ṣì wà tí n kò lè fi sílẹ̀, torí pé ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, a ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, a ní ọmọ ní Hiúsítọ̀n. Ọmọ fi dọ́là ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Bàbá gbà á ní náírà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá mú náírà yẹn, ó fi í sí ìkànnì tó tún sọ ọ́ di dọ́là. Wọ́n ti gba owó alárùú lẹ́ẹ̀mejì lórí dọ́là tó jẹ́ dọ́là tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní àkáǹtì dọ́là ní báńkì lè gba owó ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ bí dọ́là, kó sì fi dọ́là náà ránṣẹ́ tààrà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ní tirẹ̀: báńkì tó ń fi dọ́là ránṣẹ́ àti báńkì tó wà láàárín lókè òkun sábà máa ń gba iye kan pàtó, ì báà jẹ́ $100 ni ẹ fi ránṣẹ́ tàbí $5,000. Lórí owó kékeré, iye yẹn lè ju àlàfo lọ. Lórí owó ńlá, kò tó nǹkan. Ẹ ṣírò ọ̀nà méjèèjì kẹ́ ẹ tó yàn.

Mo padà sí ìkànnì yẹn lẹ́yìn oṣù kan, nítorí pé ìpín tí mo fẹ́ rà ṣì wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ mi ni mo lò, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tò lẹ́sẹẹsẹ bí mo ṣe tò ó sọ́dọ̀ wọn. Dọ́là mẹ́wàá ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Lẹ́yìn náà mo tẹ ibi tí wọ́n kọ `Withdraw` sí, mo kọ 10 síbẹ̀, mo wo iye náírà tí wọ́n ní àwọn máa san fún mi, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì padà sẹ́yìn láì tẹ ìfọwọ́sí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìkànnì méjì mìíràn lọ́jọ́ kan náà. Lórí ọ̀kan nínú wọn, àlàfo náà kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni mo kó owó mi lọ.

Ẹ̀yin ará Òkè-Ìlewó, ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín kò pọ̀. Iye tí wọ́n ń ta dọ́là máa wà lójú fóònù yín láì béèrè. Iye tí wọ́n máa fi rà á padà, ẹ̀yin lẹ máa wá a. Ẹ wá a kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́, bí ìyá tó ń lọ sí Kùtọnu ṣe ń ṣe ní Ìdí-Ìrókò. Ìkànnì tí kò bá fẹ́ kẹ́ ẹ rí i, ẹ má fi owó yín síbẹ̀.